Ìwé Ẹ̀rí Lọ́tọ̀, Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́ Lọ́tọ̀: Ohun Tó Ń Dúró De Apoògùn àti Ẹnjiníà Tó Bá Kó Lọ sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìpoògùn tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà, tí wọ́n sì fẹ́ kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ló máa ń rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níwájú àwọn, ìyẹn ni pé ṣé wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí àwọn lọ́hùn-ún àbí wọn ò ní gbà á. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ́fíìsì mẹ́ta ni yóò dáhùn wọn. Ẹ̀ka ìjọba tó ń fún àwọn àjèjì ní ìwé ìgbélùú fẹ́ mọ̀ bóyá dìgírì tí èèyàn gbà tó dìgírì ní ilẹ̀ tiwọn, kí wọ́n lè ṣírò máàkì tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa wọlé. Àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ wò fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ẹni náà kọ́ ní yunifásítì bá ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tiwọn mu. Ìgbìmọ̀ tí ìwé àṣẹ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè fi aláìsàn tàbí afárá lé ẹni náà lọ́wọ́ lónìí. Ẹni tó yege ní ọ́fíìsì kìíní lè kùnà ní ìkẹta, ọ̀pọ̀ ló sì ti dé ilẹ̀ náà tán pẹ̀lú físà tó pé kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwé tí wọ́n fi gba físà náà kò lè gbé wọn dé ẹ̀yìn káńtà ilé oògùn.

Orílẹ̀-èdè Kánádà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, iṣẹ́ apoògùn sì ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ́fíìsì wọ̀nyí ti hàn jù lọ. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìgbélùú Kánádà nípasẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ kí wọ́n fún òun ní máàkì lórí ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ nílẹ̀ òkèèrè, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ kan tí ìjọba fọwọ́ sí yẹ dìgírì rẹ̀ wò. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, WES sì ni èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn èèyàn jù. Ṣùgbọ́n apoògùn tó bá máa nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kò lè lo èyíkéyìí tó bá wù ú. PEBC, ìyẹn àjọ tó ń dán àwọn apoògùn wò ní Kánádà láti ọdún 1963, nìkan ni ìjọba yàn láti yẹ ẹ̀kọ́ tiwọn wò, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ti ń ṣe fún àwọn dókítà. Àbájáde àyẹ̀wò náà máa ń wúlò fún ìwé ìgbélùú fún ọdún 5. Apoògùn tó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ akáúńtáńtì, tó lọ san owó fún WES, yóò gba ìwé tó dára lójú, àmọ́ ọ́fíìsì ìgbélùú kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ apoògùn, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ náà kì í ṣe irọ́ o, iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi mọ ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo obìnrin kan tó gba dìgírì ìpoògùn ní ọdún 9 sẹ́yìn. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ọdún 6, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn, ibẹ̀ ló sì ti ń polówó oògùn fáwọn dókítà láti ọdún 3 sẹ́yìn. Láàárín àkókò yìí ló ṣègbéyàwó, ó sì ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe àjèjì nínú ìtàn yìí. Síbẹ̀, ibi mẹ́ta ló ti lè há sí kó tó rí ìdánwò kankan jókòó fún.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé kó fi orúkọ sílẹ̀ ní ojú òpó tí àjọ NAPRA, tó kó àwọn ìgbìmọ̀ apoògùn Kánádà pọ̀, gbé kalẹ̀ ní ọdún 2014. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà kan níbẹ̀, nọ́ńbà yìí ni gbogbo ọ́fíìsì tó kù yóò sì fi máa dá a mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni PEBC yóò bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìwé tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: ẹ̀rí ẹni tó jẹ́, ìwé ẹ̀rí dìgírì, àkọsílẹ̀ máàkì láti yunifásítì, àti ìwé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ apoògùn ilẹ̀ tó ti gba àṣẹ iṣẹ́. Ohun tó le níbẹ̀ ni ọ̀nà tí ìwé náà gbà dé. Àkọsílẹ̀ máàkì àti ìwé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ ọ́ lọ tààrà sí PEBC. Bí obìnrin yìí bá gba àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ ní yunifásítì fúnra rẹ̀, tó já àpòòwé náà, tó wá fi ránṣẹ́, ìwé náà ti di aláìwúlò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ pọ́nńbélé ló wà nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọwọ́ tó gbé ìwé wá ni wọ́n ń yẹ̀ wò pẹ̀lú ìwé náà, nítorí pé ayédèrú ìwé pọ̀ níbi gbogbo lágbàáyé, kò sì sí bí òṣìṣẹ́ kan tó jókòó sí ìlú mìíràn ṣe lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ibi tó ti kọ́kọ́ há nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yunifásítì ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tó ti kúrò tipẹ́. Ẹni tó ti kó kúrò nílùú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìwé yìí yóò máa pe tẹlifóònù láti òkèèrè, ìyẹn ni mo fi rò pé, nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀, èyí ló yẹ kí èèyàn parí kó tó di ẹrù. Kì í ṣe àkọsílẹ̀ máàkì nìkan ló yẹ kó béèrè o. Kó gba ẹ̀dà ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, èyí tó sọ iye wákàtí tí wọ́n fi kọ́ kọ́ọ̀sì kan àti ohun tó wà nínú rẹ̀. PEBC lè má béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n yunifásítì tó fẹ́ wọ̀ lọ́la, tàbí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ mìíràn tó bá yí ọkàn padà sí, lè béèrè rẹ̀. Bí yunifásítì bá sì ti yí ìlànà ẹ̀kọ́ náà padà, èyí tí wọ́n lò ní ọdún 9 sẹ́yìn lè ṣòro láti rí.

Ibi kejì ni orúkọ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí dìgírì àti àkọsílẹ̀ máàkì, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ìrìnnà. Ìwé ìgbéyàwó tí ìjọba fọwọ́ sí, tàbí ìwé ìbúra tó so orúkọ méjèèjì pọ̀, ni yóò fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń le jù ni àwọn tí kò yí orúkọ padà rárá, àmọ́ tí lẹ́tà kan yàtọ̀ nínú orúkọ wọn láti ìwé kan sí èkejì, tàbí tí orúkọ àárín wọn wà níbì kan tí kò sì sí níbòmíì, nítorí pé wọn kì í fura sí i títí wọ́n á fi dá ìwé náà padà.

Ibi kẹta ló máa ń bá àwọn èèyàn lójijì. Nígbà tó bọ́ sí iṣẹ́ títa oògùn, obìnrin yìí kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun máa san owó ọdọọdún fún ìgbìmọ̀ apoògùn ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń polówó oògùn kò nílò ìwé àṣẹ. Ọdún 3 ló ti fi ìwé àṣẹ náà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ lè kọ ìwé fún un pé ó ti fìgbà kan forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ ọ́ pé àṣẹ rẹ̀ ṣì wà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń gbà á wọlé máa ń fẹ́ rí nìyẹn: pé ẹni yìí ní àṣẹ, pé kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀, pé wọn kò dá a dúró rí. Bó bá ti ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè méjì, ó lè nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti méjèèjì. Irú ìwé yìí kì í sì í pẹ́ tó fi ń gbó. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà á sí, kó tó di pé wọ́n ní kó lọ gba òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá gbà á ní kùtùkùtù, tó wá fi ọdún méjì kọ́ ìwé fún ìdánwò, yóò tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn tí PEBC bá ti gba ìwé rẹ̀, ìdánwò àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀kọ́. Ìbéèrè tí èèyàn ń mú ìdáhùn kan nínú mélòó kan ni, ó sì ń wo ìmọ̀ nípa ara àti àìsàn, ìmọ̀ nípa bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ àkóso àti ìbálò pẹ̀lú àwùjọ, àti iṣẹ́ apoògùn fúnra rẹ̀. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà kì í ṣe ìdánwò yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó jáde ní yunifásítì Amẹ́ríkà tí ACPE, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ìpoògùn wò níbẹ̀, fọwọ́ sí. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn yòókù, òun ló dúró fún ìbéèrè kejì tí mo mẹ́nu kàn lókè, èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yunifásítì. Wọn kò sọ pé dìgírì ilẹ̀ òkèèrè kò dára. Wọn ò mọ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lágbàáyé dáadáa, nítorí náà wọ́n yàn láti dán ẹni náà wò dípò kí wọ́n máa dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí tọ́ ju ti àwọn ilẹ̀ tó ń ka orúkọ yunifásítì sí àwíjàre.

Ìdánwò tó tẹ̀ lé e ni gbogbo apoògùn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Kánádà ń ṣe, ọmọ ilẹ̀ àti àjèjì, yàtọ̀ sí ìpínlẹ̀ Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì tó ní ìlànà tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Apá kìíní jẹ́ ìbéèrè kíkọ, apá kejì sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní OSCE, tó jẹ́ pé yàrá sí yàrá ni ẹni tó ń ṣe ìdánwò ń lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan tí wọ́n ti kọ́ ní ipa aláìsàn tàbí dókítà yóò sì jókòó dè é, bí olùyẹ̀wò kan ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìdánwò yìí. Ẹni tó bá yege ní apá kan, tó sì kùnà ní apá kejì, ti pàdánù oṣù 6 nìyẹn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iye ìgbà tí èèyàn lè jókòó fún un sì ní òpin.

OSCE yìí ló yẹ kí n dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀wé dáadáa ti ń ṣubú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin wa wọ yàrá kan, ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó mú ìwé oògùn kilarítíròmáísìnì wá, èyí tí dókítà kọ fún un nítorí àkóràn àyà. Obìnrin yìí mọ oògùn náà dunjú. Ó sọ iye ìgbà tó yẹ kó lò ó lójúmọ́, ó sọ pé kó lò ó tán bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá, ó kìlọ̀ nípa inú rírun àti adùn ẹnu tó lè yí padà, ó sì fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tí kò béèrè ni oògùn mìíràn tí ọkùnrin náà ń lò. Ká ní ó béèrè ni, ọkùnrin náà ì bá sọ fún un pé òun ń lo simfasítátìnì láti dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Oògùn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ara ẹnì kan, nítorí pé kilarítíròmáísìnì kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè pa simfasítátìnì run, ìyẹn á wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan ara jẹ́ débi pé ìdọ̀tí iṣan náà á dí kíndìnrín. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kó rí i, kó pe dókítà, kó sì dábàá ohun kan pàtó, bí àpẹẹrẹ pé kí wọ́n fi asitíròmáísìnì rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ọkùnrin náà dá simfasítátìnì dúró títí yóò fi lo oògùn àkóràn náà tán. Ọ̀rọ̀ dáadáa tó sọ kò lè rọ́pò ìbéèrè tí kò béèrè.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé obìnrin yìí kò mọ̀ pé oògùn méjèèjì kì í bára wọn gbé. Ó ṣeé ṣe kó ti dáhùn rẹ̀ ní apá kìíní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé níbi tó ti ṣiṣẹ́, dókítà ló ń pinnu, apoògùn ló ń fúnni, aláìsàn kì í sì í retí pé kí apoògùn máa bi òun léèrè. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọntéríò, àpẹẹrẹ kan nìyí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ti fún àwọn apoògùn láṣẹ láti kọ oògùn fúnra wọn fún àwọn àìlera kéékèèké kan, láìjẹ́ pé aláìsàn rí dókítà. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ léni lọ́wọ́ kò lè fi máàkì yunifásítì nìkan ṣe ìdájọ́. Orúkọ oògùn pàápàá lè dàrú: ohun tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń pè ní parasitámọ̀ ni àwọn ará Kánádà ń pè ní asẹtaminófẹ̀nì, ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì lórí orúkọ kò ní lè fetí sí aláìsàn dáadáa.

Bí èèyàn ṣe lè mọ̀ ṣáájú pé OSCE yóò ni òun lára kò le. Kí ó pe ẹnì kan láti ṣe aláìsàn fún un, kí ó gbé aago kalẹ̀, kí ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kó ka iye ìbéèrè tó bi ẹni náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé oògùn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ òdo tàbí ọ̀kan, ibẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀ wà, ìwé kíkà sí i kò sì lè tún un ṣe. Àwọn ẹ̀kọ́ àfikún tí Yunifásítì Tòróńtò àti ti Bìrìtìṣì Kòlóńbíà gbé kalẹ̀ fáwọn apoògùn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá wúlò fún ohun yìí gan-an. Owó wọn kò kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kùnà nínú OSCE lẹ́ẹ̀kan yóò rí i pé oṣù 6 tó sọnù náà ní iye tirẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwé tí PEBC ń fúnni kì í ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ ló ń fúnni láṣẹ ní Kánádà, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń béèrè: ìdánwò lórí òfin tó de oògùn, ẹ̀rí pé ẹni náà gbọ́ èdè, àti àkókò iṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹlòmíràn. Ní Ọntéríò, olùyẹ̀wò kan á máa wo ẹni náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú ilé oògùn pẹ̀lú aláìsàn tòótọ́. Ọ̀rọ̀ èdè náà ní ọ̀fìn kan tí mo rí i pé kì í yé àwọn èèyàn. Oríṣi IELTS, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́ ti ìgbé ayé gbogbogbòò, èkejì jẹ́ ti Akadẹ́míìkì. Ẹ̀ka ìgbélùú Kánádà ń gba ti gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ti Akadẹ́míìkì ni àwọn ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ìlera sábà máa ń béèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ àwọn apoògùn tí wọ́n ń pè ní GPhC fẹ́ máàkì 7 ó kéré tán nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Akadẹ́míìkì náà, ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹni tó gba 8 nínú mẹ́ta, tó wá gba 6.5 nínú ìkọ̀wé, kò tíì yege, bí àròpọ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ ga. Bí èèyàn bá ti mọ̀ pé òun yóò nílò méjèèjì, kó ṣírò owó ìdánwò méjì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dìgírì kan náà lè rí ilẹ̀kùn tó ṣí ní orílẹ̀-èdè kan, kó sì bá ilẹ̀kùn tó tì pa ní òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ NABP ló ń yẹ ìwé àwọn apoògùn tó ti òkèèrè wá wò, kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní FPGEE. Ẹni tó bá gba dìgírì rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2003 síwájú gbọ́dọ̀ ti fi ọdún 5 ó kéré tán kẹ́kọ̀ọ́ ìpoògùn. Ọdún 4 ló tó fáwọn tó ṣáájú wọn. Nítorí ìlà kan yìí, ẹni tó gba dìgírì ọlọ́dún 4 ní Íńdíà kò lè gba ọ̀nà yìí wọlé, bó ti wù kó mọ̀wé tó àti bó ti wù kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó, nígbà tí ẹni tó gba dìgírì ọlọ́dún 6 ní ilẹ̀ kan náà lè gbà á. Ìrírí iṣẹ́ kò lè dí àlàfo ọdún kan tó sọnù nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tètè máa ń rí i tó bá ka ìlànà náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣojú tó ń gbowó láti bá èèyàn ṣe ìwé lè gbàgbé láti sọ ọ́ títí owó yóò fi wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé wọ́n ní àdéhùn kan tí àwọn apoògùn kò ní. Ní ọdún 1989, àwọn àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wò ní Ọsirélíà, Kánádà, Áyálándì, Niu Sílándì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Wọ́ṣíńtìn. Ohun tó sọ ni pé dìgírì tí ọ̀kan nínú wọn bá ti fọwọ́ sí nílẹ̀ tirẹ̀, àwọn yòókù yóò kà á sí pé ó bá tiwọn dọ́gba ní ti ẹ̀kọ́. Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti wọlé lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́ orúkọ àdéhùn yìí, tí wọ́n sì rò pé bí ilẹ̀ wọn bá ti wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́ tí ilẹ̀ kan wọlé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, nítorí pé àdéhùn náà kì í sábà padà sẹ́yìn lọ bá àwọn tó ti jáde ṣáájú. Íńdíà wọlé ní ọdún 2014, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni àdéhùn náà kàn, àfi àwọn ẹ̀kọ́ tí àjọ ilẹ̀ náà fọwọ́ sí ní ipele kìíní. Bí ọmọ ìyá méjì bá wà, tí ẹ̀gbọ́n jáde ní ọdún 2011, tí àbúrò sì jáde ní ọdún 2017 nínú ẹ̀kọ́ ipele kìíní ní yunifásítì kan náà, àbúrò lè fi àdéhùn náà wọlé, ẹ̀gbọ́n kò ní lè lò ó. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n burú. Wọ́n kàn gbà pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn nígbà náà.

Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n yóò gbà ní Ọsirélíà, bí àpẹẹrẹ, ni ti ìwé ìrírí tí àjọ Engineers Australia ń béèrè, tí wọ́n ń pè ní CDR. Ìtàn iṣẹ́ mẹ́ta ni yóò kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀rọ̀ 1,000 sí 2,500, yóò sì so gbólóhùn inú wọn mọ́ àwọn ohun tí àjọ náà ní ẹnjiníà gbọ́dọ̀ lè ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n ń sọ ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe dípò ohun tí àwọn fúnra wọn ṣe. "A kọ́ afárá náà parí" kò sọ ohunkóhun fún olùyẹ̀wò. "Mo ṣírò ẹrù tó máa wà lórí òpó kẹta, mo rí i pé irin tí wọ́n yà sórí pépà kò tó, mo fi èyí tó nípọn sí i rọ́pò rẹ̀" ni ohun tó ń wá, pẹ̀lú ìdí àti ọ̀nà tó gbà ṣírò rẹ̀. Àwọn kan wà tó ń kọ ìwé yìí tà. Àjọ náà ń fi ìwé wé ìwé, ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ó da ti ẹlòmíràn kọ lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti tún béèrè fún àkókò kan.

Níhìn-ín ni ìbéèrè mẹ́ta tí mo fi bẹ̀rẹ̀ tún ti padà wá. Nígbà tí àjọ yìí bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹnjiníà tó péye, ìwé ìgbélùú ni ìwé náà wà fún. Ní ìpínlẹ̀ Kuínsílándì ní Ọsirélíà, òfin tó ti wà láti ọdún 1929 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìdarí ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ ẹnjiníà rọrùn ju ti apoògùn lọ. Ẹnjiníà tó ń dúró de àṣẹ lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹlòmíràn, kó máa ya àwòrán, kó máa ṣírò, kí ẹni tó ní àṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò tilẹ̀ ní kí èèyàn gba àṣẹ kó tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Orúkọ oyè "Chartered Engineer" ni wọ́n dáàbò bò. Ní Ọntéríò, orúkọ ẹnjiníà wà lábẹ́ òfin, àmọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìgbìmọ̀ wọn mú òfin tó ní kí apá kan ìrírí iṣẹ́ ẹni jẹ́ ti Kánádà kúrò. Ìrírí ilẹ̀ òkèèrè ti lè tó báyìí, bí ó bá ṣeé fi hàn.

Apoògùn kò ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Láàárín ìdánwò kan sí èkejì, iṣẹ́ tó sábà máa ń wà fún un nínú ilé oògùn ní Kánádà ni ti olùrànlọ́wọ́, tí kò nílò àṣẹ. Kódà iṣẹ́ tẹkiníṣíànì oògùn ti wà lábẹ́ òfin, ó ní ìdánwò tirẹ̀. Obìnrin tó ti ń darí ẹ̀ka oògùn nílé ìwòsàn fún ọdún 6 yóò máa ka oògùn sínú ike fún ẹni tó kéré sí i, kò sì gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní apoògùn, nítorí orúkọ náà wà lábẹ́ òfin. Ó yẹ kó mọ èyí kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílé, nítorí iye oṣù tí yóò fi wà nípò yẹn ni yóò pinnu iye owó tó nílò lọ́wọ́. Síbẹ̀, káńtà yẹn náà ni yóò ti máa gbọ́ bí àwọn aláìsàn ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, irú ìbéèrè tí apoògùn tó ní àṣẹ ń bi wọ́n, àti ìgbà tó máa ń gbé tẹlifóònù pe dókítà, èyí tó jẹ́ ohun tí yàrá OSCE yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kọkànlá.